Àgbàlá Tí A Sọ Di Ẹ̀yìnkùlé

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti bùọ̀dá mi ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kan ní Àgbàdo. A fẹ́ kọ́ ilé kan ṣoṣo tí yóò gba ìdílé àwa méjèèjì àti màmá wa, tí orúnkún ti ń yọ lẹ́nu, tí a fẹ́ mú kúrò n'Íbàdàn. A wá ẹni tó ń ya àwòrán ilé. Ó yà á, ó sì mọ́ rekete: kọ́ríídọ̀ láàárín, yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Nígbà tí a tẹ́ ẹ síwájú Màámi, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka tọ kọ́ríídọ̀ yẹn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn, wọ́n wá ní, "Ó dáa o. Ṣùgbọ́n níbo ni màá máa jókòó sí?"

Bùọ̀dá mi ní, "Ẹ ní yàrá tiyín, Màámi. Pálọ̀ náà sì wà."

Wọ́n ní, "Mo ti rí yàrá. Mo ní níbo ni màá máa jókòó sí?"

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun. Ohun kan tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé bí ẹni tó máa lo nǹkan bá béèrè ìbéèrè tí nǹkan náà ò lè dáhùn, ẹ má bá a jà. Nǹkan yẹn ni kẹ́ ẹ lọ tún wò. Torí náà mo mú àwòrán ilé wa lọ sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹní ń ka ìwé. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwòrán yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé tó wà láti Àgbàdo dé Mẹ́írán dé Abúlé Ẹ̀gbá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ilé tí ìwọ náà jókòó sí tí o fi ń ka èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ síbi tí ìbéèrè Màámi ti wá. Inú agboolé ni wọ́n dàgbà sí n'Íbàdàn. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe irú ilé yìí dáadáa. Yàrá ló tò yí ká, ojúde ńlá sì wà láàárín. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan yí gbogbo rẹ̀ po, níbi tí àwọn ará ilé ti ń ṣe iṣẹ́ ojúmọ́ wọn, tí wọ́n sì ti ń gba àlejò. Gbogbo ilé ló ni ojúde yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń so ẹṣin, àgùntàn àti ewúrẹ́ mọ́.

Ẹ kíyè sí ohun tí Johnson ní ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: gbogbo nǹkan tí èèyàn ń ṣe tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Yàrá ńkọ́? Yàrá agboolé kéré, ó ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní fèrèsé kankan. Ibi ìsùn àti ibi ìkẹ́rùpamọ́ ni. Èyí ló ń jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ilé àtijọ́ ló dára jù, ká padà síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ padà síbẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ sùn nínú yàrá tí ò ní wíńdò lóṣù kẹta. Àwọn bàbá wa ò fi yàrá tó dáa pọ́n ilé wọn. Àlàfo àárín ilé ni wọ́n ṣètò dáadáa, wọ́n wá fi yàrá yí i ká.

Èdè wa gan-an mọ èyí. A máa ń bi ara wa pé, "Ojúlé mélòó ló wà nínú agboolé yẹn?" Ojú ilé la ń kà, ilé tó ní ojú sì gbọ́dọ̀ kọjú sí nǹkan. Ojúlé kọ̀ọ̀kan kọjú sí àgbàlá. Ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ rí ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, ọmọ tó ṣubú, ìkòkò tó fẹ́ jóná. Lódì kejì ni ẹ̀yìnkùlé wà, níbi tí a ń da ilẹ̀ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Agboolé ní àwọn méjèèjì, wọn kì í sì í da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì.

Báwo ni kọ́ríídọ̀ ṣe wá gba ipò àgbàlá? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bùràsíìlì kọ́ ilé sí Èkó, ilé búlọ́ọ̀kì kan tí òrùlé bò pátápátá, tí ọ̀nà kan gba àárín rẹ̀ kọjá, tí yàrá sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ilé náà wuyì, ó fi owó hàn, ó sì bá àsìkò mu. Páànù wá dé, sìmẹ́ǹtì dé. Òrùlé tó ní òkè kan ṣoṣo rọrùn fún kápẹ́ńtà láti fi páànù kàn ju òrùlé tó yí ihò ká lọ. Àwọn ọmọ tó rówó kòkó n'Íbàdàn náà ń fẹ́ ilé tó ní ilẹ̀kùn tiwọn, bí agboolé sì ṣe ń wó ni wọ́n ń kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan dípò rẹ̀. Nígbà tí Èkó wá kún, tí onílé ń wá ayálégbé, kọ́ríídọ̀ yẹn kan náà ló di fésì-mi-àí-fésì-yú.

Ẹ wo kọ́ríídọ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé àgbàlá tí wọ́n fi òrùlé dé ni. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣì ṣí sí i, ọmọdé ṣì ń ṣeré níbẹ̀, sítóòfù ṣì ń jó níbẹ̀. Àmọ́ kò ní ìmọ́lẹ̀, kò ní afẹ́fẹ́, kò sì fẹ̀ tó kí èèyàn gbé àga síbẹ̀ láì dí ọ̀nà. Iṣẹ́ àgbàlá wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì ní ohun tí àgbàlá fi ń ṣe é.

Ẹ ó ní ilẹ̀ ti wọ́n, pé ta ló láyè àgbàlá lórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí mo fi ṣírò ilẹ̀ wa. Mítà 18 ní ìbú, mítà 18 ní òró, ìyẹn mítà onígun-mẹ́rin 324. Àwòrán náà fi mítà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ǹsì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé wá ku mítà 12 sí 12, ìyẹn 144. Ó túmọ̀ sí pé 180 nínú 324 ni a fi sílẹ̀ gbalasa. Ó ju ìdajì ilẹ̀ wa lọ! Àlàfo ò sọnù lọ́wọ́ wa rárá.

Nínú iṣẹ́ mi, a mọ àrùn yìí. Kọ̀ǹpútà lè ní àyè tó pọ̀ nínú mẹ́mọ̀rì rẹ̀, síbẹ̀ kó sọ fún ọ pé kò sáyè, nítorí pé àyè náà fọ́nká wẹ́wẹ́, kò sí ibì kan tó tóbi tó ohun tí o fẹ́ gbé sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 180 wa rí. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta ni, ó yí ilé po, fẹ́ǹsì gíga wà lápá kan, ògiri ilé lápá kejì. Jẹnẹrétọ̀ ń bẹ níbẹ̀, táǹkì omi ń bẹ níbẹ̀, sọ́kàwéè ń bẹ lẹ́yìn, aṣọ ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ilẹ̀kùn yàrá kan tó kọjú sí i. Ohun tí a ṣe ni pé a gbé àlàfo kúrò níwájú gbogbo èèyàn, a gbé e sẹ́yìn gbogbo èèyàn. A sọ gbogbo àgbàlá di ẹ̀yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi wo ilé tó ní yàrá mẹ́jọ tí wọn ò sì rí ibi ìjókòó.

Mi ò sọ pé ká wó àlàfo mítà mẹ́ta yẹn o. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe: iná ilé ẹnìkan kì í tètè ràn mọ́ ti ẹnìkejì, afẹ́fẹ́ ń rọ́nà wọ wíńdò, sọ́kàwéè ò sì lè wà láàárín ilé. Ìbéèrè mi ni pé inú 144 tó kù, ṣé kọ́ríídọ̀ nìkan ni a lè fi pín in?

Kọ́ríídọ̀ inú àwòrán wa fẹ̀ ní mítà kan àbọ̀, ó gùn ní mítà 12. Ó jẹ mítà onígun-mẹ́rin 18. Yàrá mẹ́jọ tó kù wá fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, ó jìn ní mítà márùn-ún ó lé díẹ̀, bíi 15.75 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin tó wà ní igun ilé ní ògiri ìta méjì, wọ́n lè ní wíńdò lápá méjì. Mẹ́rin tó wà láàárín ní ògiri ìta kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ tó bá gba wíńdò wọlé síbẹ̀ ò rí ibi jáde, àyàfi tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn sí kọ́ríídọ̀ tó ṣókùnkùn. Bó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú yàrá bẹ́ẹ̀ lò ń gbé, tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sítòsí wíńdò ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó o ti ilẹ̀kùn. Bí èéfín bá dúró gbagidi tó ń yípo lójú kan, afẹ́fẹ́ ò kọjá nínú yàrá rẹ. Ooru tó ń mú ọ lóru, kì í ṣe oòrùn nìkan ló fà á.

Mo wá ya tèmi. Mo fi ihò mítà mẹ́ta sí mẹ́ta sáàárín ilé, tí òrùlé ò bò. Mo fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan lé díẹ̀ yí i ká, tí òrùlé bò ní tiẹ̀. Ihò àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ papọ̀ jẹ mítà onígun-mẹ́rin 29. Ìṣòro àkọ́kọ́ dé kíá: yàrá tó wà ní igun kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ṣónṣó lásán, kò sí ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa wà. Ó gbà mí ní alẹ́ méjì. Ojútùú ẹ̀ ni pé kí yàrá méjì méjì tẹ̀ lé ara wọn yí àgbàlá po bí apá fáànù, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti igun kan kó sì parí kó tó dé igun kejì. Báyìí, yàrá igun náà rí mítà kan péré lára ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹn sì tó ilẹ̀kùn. Yàrá mẹ́jọ náà ló jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà mẹ́ta lé díẹ̀ sí mẹ́rin lé díẹ̀, bíi 14.4. Mi ò tíì yọ sísanra ògiri kúrò nínú ìṣirò méjèèjì.

Ẹ fi wé ara wọn. Yàrá kọ̀ọ̀kan dín ní mítà onígun-mẹ́rin kan ó lé díẹ̀, àyè tí àga ìrọ̀gbọ̀kú kan máa gbà. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, mítà onígun-mẹ́rin 11 ni àgbàlá náà ná wa ju kọ́ríídọ̀ lọ, ìyẹn yàrá ẹsẹ̀-bàtà mẹ́wàá sí méjìlá kan. Ọ̀nà àbáwọlé sì gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ lára yàrá kan, èyí tó kù níbẹ̀ á di ilé ìdáná. Ohun tí a rí gbà ni pé gbogbo yàrá pátá ní ojú méjì tí afẹ́fẹ́ lè gbà, àti pé gbogbo ilẹ̀kùn rí ibì kan náà. Iye àgbàlá nìyẹn ní Àgbàdo: yàrá kan. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀fẹ́ ni, irọ́ ló ń pa. Ẹni tó sì sọ pé ilẹ̀ ò gbà á, kò tíì ṣírò ni.

Mo gbé e lọ bá bùọ̀dá mi. Bùọ̀dá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ dídùn mú. Wọ́n ní, "Òjò ńkọ́? O fẹ́ kí òjò máa rọ̀ sínú ilé mi?"

Ìbéèrè gidi ni. Òwe wa sọ pé àgbàrá òjò ò ní òun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Apá inú òrùlé yìí máa dà sínú, kì í ṣe ihò nìkan ló máa gbomi. Bí òkè òrùlé bá wà láàárín méjì, omi inú ilẹ̀ tó tó mítà 7.5 sí 7.5 ló ń bọ̀ wá sínú àgbàlá. Bí òjò mìlímítà 100 bá rọ̀ lọ́jọ́ kan, irú èyí tí Èkó máa ń rí, omi tó lé ní lítà 5,600 nìyẹn, táǹkì onílítà 1,000 márùn-ún ó lé. Àwọn àgbà mọ èyí. Wọ́n máa ń gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ láti gbe omi mímu, wọ́n sì ń ṣe ojú àgbàrá kí ìyókù lè rí ọ̀nà jáde. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Peter Garlake ti walẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n bá ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró, létí-létí. Ògiri alámọ̀ ti wó ti yọ́, ilẹ̀ yẹn ṣì wà. Ẹni tó bá lè fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ to àpáàdì mọ̀ pé ilẹ̀ ojúde máa gba ẹsẹ̀, á sì gba omi.

Tiwa á rí báyìí. Ilẹ̀ àgbàlá á rẹlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gíga àtẹ̀gùn kan, kí omi tó kún má baà kan ilẹ̀kùn. Á máa dà sí apá kan, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Páìpù méjì la máa rì, kì í ṣe ọ̀kan, èkejì á ga díẹ̀ ju àkọ́kọ́, kó lè gbà á bí ewé bá dí ìyẹn. Abẹ́ ọ̀nà àbáwọlé sì ni páìpù máa gbà, kò gbọdọ̀ gba abẹ́ yàrá, torí ọjọ́ tó bá dí, a ò fẹ́ fọ́ ilẹ̀ yàrá ẹnikẹ́ni. Ká tó san owó bírikìlà tán, a ó da garawa omi ogún síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí omi bá ṣì dúró níbì kan lọ́jọ́ kejì, kó tún un ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọn máa yé sí.

Ibi tó léwu jù ni òrùlé. Níbi tí páànù apá kan ti pàdé ti apá kejì nínú igun, kòtò kan wà tí gbogbo omi ń sáré gbà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ jò. Àmì rẹ̀ ni àbàwọ́n pupa bíi tíì tó máa yọ lára sílíìnì ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó o bá ti rí i, má kàn kun ọ̀dà lé e, pe kápẹ́ńtà. Igun mẹ́rin, kòtò mẹ́rin ni. Kápẹ́ńtà tí a bá sọ̀rọ̀ béèrè owó tó ju ti òrùlé lásán lọ, mi ò sì bá a jiyàn.

Bùọ̀dá mi tún ní, "Olè ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ẹni tó bá gun òrùlé lè bọ́ sínú ilé tààrà. Bàbá wa ò ní ìṣòro yẹn, torí ogójì èèyàn ló wà nínú agboolé wọn lọ́sàn-án lóru. Àwa mẹ́sàn-án ni, gbogbo wa ló sì ń jáde lọ ṣiṣẹ́. Irin la máa fi bo ojú ihò. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n mo gbà.

Ìbéèrè tó ṣòro jù ni èyí tí wọn ò fi ẹnu bí mi, tí mo bi ara mi: ta ló máa gbá a? Nínú agboolé, baálé wà, àwọn ìyàwó ilé sì ní bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ẹni tí ò bá gbálẹ̀, gbogbo ojúlé ló rí i. Àgbàlá ò dá dúró fúnra rẹ̀, àṣẹ ló gbé e ró. Ìdí nìyẹn tí mi ò ní bá àwọn tó ń sọ pé kí gbogbo ilé ayálégbé l'Ékòó ní àgbàlá pariwo. Níbi tí àwọn àjèjì mẹ́wàá ti ń jà lórí owó iná, àgbàlá á di ibi tí wọ́n tún ń jà sí ni. Ilé ẹbí ló tọ́ sí, níbi tí ẹnìkan wà tí gbogbo ilé ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Mi ò sọ pé a ń padà sẹ́yìn. Demas Nwoko, tí wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ dá lọ́lá níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Fẹ̀níìsì ní 2023, fi irú ihò òrùlé yìí sínú ilé tirẹ̀ ní Idumuje-Ugboko. Kò ṣe é kí ilé lè dà bí ti bàbá ńlá rẹ̀. Ó ṣe é torí pé ìmọ́lẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ń bá ibẹ̀ wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ́ àwòrán kejì síwájú Màámi. Mo fi ìka hàn wọ́n: ilẹ̀kùn yín nìyí, ìdáná nìyí, ọ̀nà àbáwọlé nìyí, ibi tí àwọn ọmọ máa ti ṣeré nìyí. Wọn ò sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Wọ́n fi èékánná fa ìlà kékeré kan sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lápá ibi tí èèyàn lè rí ìdáná àti ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n ní, "Ẹ má gbé táǹkì síbí yìí o."

Bùọ̀dá mi ṣì ń ṣírò owó kápẹ́ńtà. Ìpìlẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀.